Bí Iná Bá Jó Odidi Láìnì, Ta Ló Ń Bá Ilé-iṣẹ́ Inṣọ́ránsì Ru Ẹrù?

Bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, ó yé wa pé ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì lè san owó òfò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí odidi láìnì bá jó lóru ọjọ́ kan ńkọ́? Níbo ni wọ́n á ti rówó san? Ìdáhùn rẹ̀ la fi ṣe ẹ̀kọ́ tòní.

Ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì náà ní ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣe inṣọ́ránsì. Ríinṣọ́ránsì ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo alábàárù: bí ẹrù bá ju ọrùn rẹ̀ lọ, kò ní kọ iṣẹ́, á pe ẹlòmíì kí wọ́n jọ rù ú, wọ́n á sì pín owó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Nínú owó tí a ń san lọ́dọọdún, ilé-iṣẹ́ wa á yọ díẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn á sì gbà láti ru apá kan òfò.

Iná ló kọ́ àwọn òyìnbó lọ́gbọ́n yìí dáadáa. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1861, iná jó ìlú Gilárọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Súwísàlándì, nǹkan bí 600 ilé ló bá a lọ. Àwọn oní-inṣọ́ránsì rí i pé owó tí wọ́n fi pamọ́ kò lè kojú irú òfò bẹ́ẹ̀. Ní 1863 wọ́n dá Súwíìsì Ríì sílẹ̀ ní ìlú Súríkì. Ní tiwa, ní 1976 ni àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà para pọ̀ dá Áfíríkà Ríì sílẹ̀, Èkó sì ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Owó àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní 80 ṣọ́ọ̀bù lórí láìnì kan ṣe inṣọ́ránsì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan, ₦5 mílíọ̀nù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦400 mílíọ̀nù. Ilé-iṣẹ́ náà wá bá oní-ríinṣọ́ránsì ṣe àdéhùn pé: nínú òfò iná kan ṣoṣo, ₦40 mílíọ̀nù àkọ́kọ́ tèmi ni; ₦260 mílíọ̀nù tó bá tẹ̀ lé e, tìrẹ ni.

Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá jó, ₦5 mílíọ̀nù ni. Ilé-iṣẹ́ wa á dá a san, ti ẹ̀yìn kò ní fọwọ́ kan kọ́bọ̀. Bí 50 bá jó, ó di ₦250 mílíọ̀nù: tiwa á san ₦40 mílíọ̀nù, ti ẹ̀yìn á san ₦210 mílíọ̀nù. Bí 70 bá jó ńkọ́? Ó di ₦350 mílíọ̀nù. Tiwa á san ₦40 mílíọ̀nù, ti ẹ̀yìn á san ₦260 mílíọ̀nù tó ṣèlérí, ó parí. Ṣẹ́ ẹ rí i pé ó ku ₦50 mílíọ̀nù? Orí ilé-iṣẹ́ wa ló máa padà sí. Dípò ₦40 mílíọ̀nù, ₦90 mílíọ̀nù ni yóò wá.

Ibi tí wàhálà ti ń wọlé nìyẹn. Ríinṣọ́ránsì ní òkè tó dé tí kò ní kọjá. Ilé-iṣẹ́ mìíràn á máa ta inṣọ́ránsì fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, aṣojú yìí ta mẹ́wàá, tọ̀hún ta ogún, kò sì sẹ́ni tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ pé ojú kan náà ni wọ́n wà, ògiri kan náà, wáyà iná kan náà. Ọjọ́ tí iná bá dé ni wọ́n á mọ̀ pé àdéhùn ẹ̀yìn kò tó. Bákan náà, bí iná ńlá bá ti jẹ owó àdéhùn tán, ilé-iṣẹ́ sábà ní láti san owó kún un kí ó tó padà bọ̀ sípò fún iná mìíràn lọ́dún náà.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: ilé-iṣẹ́ tó gbowó lọ́wọ́ wa la bá ṣe àdéhùn. A kò mọ ti ẹ̀yìn, ti ẹ̀yìn kò mọ̀ wá. Bí ti ẹ̀yìn kò bá tíì sanwó, ìyẹn kò yọ gbèsè wa kúrò lọ́rùn ilé-iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n bí kò bá lówó lọ́wọ́, àwa náà la máa dúró.

Nítorí náà, bí aṣojú bá dé ọjà, ẹ bi í ní méjì: ṣọ́ọ̀bù mélòó lẹ ti gbà lórí láìnì wa, èló sì ni àpapọ̀ wọn? Èló ni ríinṣọ́ránsì yín lè gbé fún iná kan ṣoṣo? Bí èkejì bá kéré sí èkíní, ẹ ní kó padà lọ bi ọ̀gá rẹ̀ ta ni yóò ru ìyókù, kí ẹ tó ka owó sílẹ̀.

A kò ní rí ìjà iná o.