Lẹ́tà sí Alájọṣòwò Nígbà Tí Inú Bá Ń Bí Wa

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, lẹ́tà kan ni a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Obìnrin kan àti ẹ̀gbọ́n kan jọ ra kẹ́ẹ̀gì epo pupa 20, ẹ̀gbọ́n ni ó sì ń tà á. Owó kẹ́ẹ̀gì 17 péré ni ó kó wá. Ni obìnrin yìí bá kọ̀wé pé: “Olè ni ọ́! O ti jẹ mí run. Èmi àti ìwọ kò mọ ara wa mọ́.”

Kí ó tó fi ránṣẹ́, ó mú un wá fún wa. A ní kí ó fa ìlà sábẹ́ ohun tí ìwé ìṣirò lè jẹ́rìí sí. Kò rí ẹyọ kan. Bí “olè” bá wọ inú lẹ́tà, orí rẹ̀ ni ìjà yóò wà, kẹ́ẹ̀gì 3 yóò sì di ohun ìgbàgbé. Ìbínú tilẹ̀ ti sọ “ẹ” di “o”. A dá a padà.

Ohun tí a jọ kọ nìyí: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Kẹ́ẹ̀gì 20 ni a gbé sí ṣọ́ọ̀bù yín ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta. Owó 17 ni ẹ fún mi ní ọjọ́ 28. N kò tíì gbọ́ nípa 3 yòókù. Bí ó bá jò, tàbí ẹ tà á láwìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi. Ó dùn mí pé ẹ kò tíì sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a jọ wo ìwé ìṣirò ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀.”

Ó fẹ́ yọ “ó dùn mí” kúrò. A ní kí ó dúró: ọkàn tirẹ̀ ni ó sọ, kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí kò bá ti kọ 20 náà sílẹ̀ ní ọjọ́ tí epo wọlé, lẹ́tà yìí kì bá tí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó da ìwé náà kọ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ọ̀kan pamọ́.