Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Kámẹ́rà Kan, Áàpù Kan

Ẹ kò nílò kí n kọ́ yín bí a ṣe ń ya fọ́tò. Ẹ ti ń ya pásípọ́ọ̀tù fún ọmọ ilé-ìwé, ẹ ti ń ya ìkómọjáde, ẹ sì mọ ibi tí iná ń gbé tí ojú fi ń dán. Ẹ̀kọ́ òní dá lórí bí a ṣe ń fi wáyà so kámẹ́rà mọ́ láàpútọ́ọ̀pù, kí fọ́tò lè máa jáde lójú láàpútọ́ọ̀pù bí a bá ṣe ń yà á, àti ohun tí a ó ṣe bí àwọn méjèèjì kò bá gbọ́ra wọn.

Ìdí tí a fi ń ṣe é kò le. Ojú kámẹ́rà kéré. Ìyá àgbà tó ti oko kòkó wọ Ìdànrè wá ya fọ́tò kò ní padà wá lọ́la nítorí pé gèlè rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí pé ọmọ-ọmọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mira tí ojú rẹ̀ fi ṣú. Lójú láàpútọ́ọ̀pù, ẹ̀yin àti òun á jọ rí i kó tó dìde lórí àga.

A ó lo kámẹ́rà Kánọ́ọ̀nù àti láàpútọ́ọ̀pù Windows. Áàpù tí Kánọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ni EOS Utility. Ẹ pa kámẹ́rà. Ẹ ki wáyà bọ kámẹ́rà, ẹ ki ẹnu kejì bọ ojú USB tó wà lára láàpútọ́ọ̀pù gan-an, ẹ má ti inú họ́ọ̀bù gbà. Ẹ wá tan kámẹ́rà. EOS Utility á ṣí. Ẹ tẹ Remote Shooting. Ẹ wọ Preferences rẹ̀, kí ẹ ní kí fọ́tò máa wọ káàdì inú kámẹ́rà pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, ó lè jẹ́ inú láàpútọ́ọ̀pù nìkan ni fọ́tò ń lọ, tí ẹ ó fi yọ káàdì lọ sọ́dọ̀ atẹ̀fọ́tò, tí ẹ kò ní bá nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ohun tí àwọn kíláàsì tó ṣáájú yín ń ṣì gbọ́ ló kàn báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Kámẹ́rà kì í dá áàpù méjì lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Áàpù kan ṣoṣo ló lè di kámẹ́rà mú. Èyí tó bá kọ́kọ́ dì í mú ni yóò máa dì í mú lọ títí ẹ ó fi pa á. Èkejì kò ní rí kámẹ́rà rárá, bí wáyà tilẹ̀ tuntun, bí bátìrì tilẹ̀ kún.

Ẹ wo òṣùwọ̀n kòkó. Àpò kan ló ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Bí àpò àkọ́kọ́ bá ṣì wà lórí rẹ̀, a kò lè wọn èkejì, kódà bí oníṣòwò bá ti yíjú kúrò lára àpò àkọ́kọ́ tí ó sì ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá gbé e sọ̀ kalẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n rò pé áàpù tí àwọn kò rí lójú ti kú. Kò kú. Bí ẹ bá pa fèrèsé EOS Utility, ó lè sá pamọ́ sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, nítòsí aago, kó sì máa di kámẹ́rà mú níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣí fódà kámẹ́rà láti da fọ́tò àná kọ, tí ẹ kò sì pa á, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀rọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Onífọ́tò kan tó ti pa fèrèsé EOS Utility fẹ́ lo Lightroom dípò rẹ̀. Ó wọ File, ó tẹ Tethered Capture, ó tẹ Start Tethered Capture. Lightroom kọ ọ́ sí i pé:

```
No Camera Detected
```

Ó yọ wáyà, ó tún un kì. Kò rí i. Ó gbé wáyà sí ojú USB mìíràn. Kò rí i. Ó wá ṣí EOS Utility, ó ní kí òun fi dán an wò. EOS Utility rí kámẹ́rà lójú ẹsẹ̀. Ó padà sí Lightroom, kò rí i síbẹ̀. Ó pinnu láti lọ ra wáyà tuntun ní Àkúrẹ́.

Owó wáyà yẹn á ṣòfò. Nígbà tí EOS Utility ti rí kámẹ́rà, wáyà ti jẹ́rìí ara rẹ̀: ó ń gbé fọ́tò. Àpò àkọ́kọ́ ló wà lórí òṣùwọ̀n. Áàpù tó ṣí láti fi yanjú ọ̀rọ̀ náà gan-an ló tún ń dì í mú.

Ohun tó yẹ kó ṣe nìyí. Kó pa kámẹ́rà. Kó pa Lightroom. Kó tẹ ọfà kékeré tó wà nítòsí aago, kó wo bóyá EOS Utility wà níbẹ̀, kó sì pa á. Bí kò bá dá a lójú, kó tẹ Ctrl+Shift+Esc, kó wá EOS Utility nínú àwọn orúkọ tó jáde, kó tẹ End task. Kó wá ṣí Lightroom nìkan, kó bẹ̀rẹ̀ Tethered Capture, kó tó tan kámẹ́rà. Áàpù kan. Kámẹ́rà kan.

Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá wáyà ló ní ẹ̀bi tàbí áàpù? Ẹ pa gbogbo áàpù, ẹ tan kámẹ́rà, ẹ ṣí This PC. Bí orúkọ kámẹ́rà bá jáde níbẹ̀, wáyà kò ní ẹ̀bi. Ẹ pa fèrèsé náà, kí ẹ wá áàpù tó ń di kámẹ́rà mú. Bí orúkọ kò bá jáde, ẹ wo wáyà. Wáyà mìíràn wà tó jẹ́ pé iná nìkan ló ń gbé. Okùn mẹ́rin ló yẹ kó wà nínú wáyà USB 2.0: méjì fún iná, méjì fún ọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún gbígba iná nìkan lè má ní méjì ìkẹyìn yẹn. Kò sì yẹ kí wáyà USB 2.0 gùn ju mítà márùn-ún lọ. Nínú yàrá kékeré, mẹ́ta tó. Ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ìdúró kámẹ́rà, kí ẹni tó bá kọ lù ú má ba ojú ihò kámẹ́rà jẹ́.

Bí wáyà bá dára, ẹ wo kámẹ́rà. Lára àwọn Kánọ́ọ̀nù tó ní Wi-Fi, irú bíi 70D àti 6D, wáyà kò ní ṣiṣẹ́ bí Wi-Fi bá wà ní Enable. Ẹ sọ ọ́ di Disable. Ẹ sọ Auto power off náà di Disable, kí kámẹ́rà má bàa sùn nígbà tí ẹ ń tún gèlè oníbàárà ṣe.

Bí ó bá ń já ní kété tí wọ́n bá mú iná lọ, láàpútọ́ọ̀pù ló ń ṣọ́ bátìrì rẹ̀ jẹ, tó ń pa ojú USB. Ẹ wọ Device Manager, ẹ wá USB Root Hub, ẹ ṣí i, ẹ tẹ Power Management, ẹ yọ àmì kúrò níwájú "Allow the computer to turn off this device to save power". Bí USB Root Hub bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ ṣe é fún gbogbo wọn.

Ohun kan tún wà tí mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Ojú láàpútọ́ọ̀pù tóbi, gbogbo ẹni tó jókòó tó ń dúró de tirẹ̀ ló ń rí i. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú láàárín fọ́tò méjì kò wá ṣe ìran fún àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì. Ẹ kọ ojú láàpútọ́ọ̀pù sí ẹ̀yin àti ẹni tó ń ya fọ́tò nìkan. Fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ kò gbọdọ̀ jáde lórí WhatsApp yín láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó yá.

Ní kíláàsì tó ń bọ̀, kí kálukú mú wáyà tó ń lò wá. Ẹ má ra tuntun. A ó kọ́kọ́ fi This PC dán ìkọ̀ọ̀kan wò.