Iyọ̀ Tí Ń Mú Omi Òkun Rì

Ní àríwá òkun Àtìláńtíìkì, yìnyín a máa dí etíkun ìlà-oòrùn Gíríńláǹdì, ṣùgbọ́n èbúté Nọ́wè tí ó dojú kọ ọ́ kì í dì. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ń ṣàn bọ̀ láti ilẹ̀ olóoru wà lára ohun tí ó fà á.

Bí omi yìí ti ń bọ̀, oòrùn ń fa díẹ̀ lára rẹ̀ lọ, iyọ̀ sì ń ṣẹ́kù. Ní àríwá, ó fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, ó sì tutù. Omi tútù tí ó níyọ̀ wúwo, nítorí náà ó rì tó 2,000 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó sì ń rọra padà sí gúúsù nísàlẹ̀, kí omi mìíràn lè rọ́pò rẹ̀ lókè.

Yìnyín Gíríńláǹdì tí ń yọ́ ni ó ń kọ wá lóminú. Omi rẹ̀ kò níyọ̀. Bí ó bá bo ojú òkun, omi ibẹ̀ lè má wúwo tó láti rì mọ́. Láti ọdún 2004 ni àwọn onímọ̀ ti ń fi ohun èlò wọn ìṣàn yìí láti Fúlórídà dé etíkun Áfíríkà, ṣùgbọ́n ó ń pọ̀, ó ń dín láti ọdún dé ọdún, iye ọdún wọ̀nyí kò sì tíì tó fún ìdájọ́. Bí ó bá rẹlẹ̀ gidigidi, òjò tí ń gòkè lọ sí àríwá Nàìjíríà lọ́dọọdún kò ní lọ jìnnà bẹ́ẹ̀ mọ́.