Bí A Bá Ń Sunkún, À Máa Ríran: Lẹ́tà Ìgbìmọ̀ Mọ́ṣáláṣí sí Ilé Tí Baálé Rẹ̀ Kú

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ohun tí òwe yìí ń sọ ni pé ìbànújẹ́ kò gbọdọ̀ di ènìyàn lójú débi tí kò fi ní mọ ohun tí ó kàn, ṣùgbọ́n obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí ó sì jẹ́ pé ọkọ náà ni ó ń gbọ́ bùkátà ilé, kò lè dá ríran. Ó di dandan kí ẹlòmíràn bá a ríran. Nítorí náà, lẹ́tà ìbánikẹ́dùn tí ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí, ìyẹn àwọn tí ìjọ yàn láti máa bójú tó ètò àti owó ilé ìjọsìn, bá kọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ àdúrà nìkan. Ó yẹ kí ó sọ ohun tí ìjọ yóò ṣe, ẹni tí yóò ṣe é àti ọjọ́ tí yóò ṣe é, èyí kò sì ṣeé ṣe àfi bí ìgbìmọ̀ bá ti ṣèpàdé kí akọ̀wé tó mú kálámù.

Kí ọ̀rọ̀ lè yéni, ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ awakọ̀ akérò kan ní Ìbàdàn tí ó kú, tí ó fi ìyàwó méjì àti ọmọ márùn-ún sílẹ̀, tí àgbà àwọn ọmọ náà ń múra ìdánwò Wáẹ̀kì lọ́wọ́, tí ìyàwó kékeré sì wà nínú oyún. Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ sábà máa ń ṣe ni pé olórí ẹbí olóògbé nìkan ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí. Lẹ́tà náà yóò wọ àpò agbádá, yóò sì máa gbé ibẹ̀, nígbà tí àwọn tí ó yẹ kí ó tù nínú kò ní gbúròó rẹ̀ rárá. Kí orúkọ ìyàwó méjèèjì wà lókè lẹ́tà náà lẹ́yìn orúkọ olórí ẹbí, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá tí ó já gaara, kí Lémọ̀mù, alága àti akọ̀wé bọwọ́ lù ú, kí Ìyá Àdínì àti obìnrin kan sí i sì mú un dé yàrá àwọn opó, kí wọ́n kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé, kí ọjọ́ mẹ́ta tí Ìsìláàmù fi ààyè sílẹ̀ fún ìbánikẹ́dùn tó pé.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Lẹ́yìn gbólóhùn ìjọ̀wọ́-ara-ẹni-sílẹ̀ tí gbogbo Mùsùlùmí mọ̀, pé ti Ọlọ́run ni ẹ̀dá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò sì padà sí, ohun tí ó máa ń wọ àwọn opó lọ́kàn jù ni kí lẹ́tà sọ ohun kan pàtó tí ìjọ mọ̀ mọ olóògbé, fún àpẹẹrẹ pé ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé òkú àwọn ará ìjọ lọ sí itẹ́, tí kò sì gba kọ́bọ̀ rí. Kí ìgbìmọ̀ gbàdúrà Àlùjánnà fún un, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe kọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n ti rí i níbẹ̀, nítorí ìmọ̀ ìyẹn kò sí lọ́dọ̀ ẹ̀dá. Kí wọ́n má sì kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má sunkún, nítorí pé Ànábì Mùhámádù fúnra rẹ̀ da omi lójú nígbà tí Ìbúráhímù ọmọ rẹ̀ kú. Ìkígbe àti fífa aṣọ ya ni ẹ̀sìn kọ̀, kì í ṣe omijé.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù ni ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́. Gbólóhùn bí «ìjọ kò ní gbàgbé yín» dùn létí, ṣùgbọ́n ẹnu dùn-ún ròfọ́, kò sì sí opó tí ó lè mú gbólóhùn náà lọ sí ọjà. Èyí tí ó wúlò rí báyìí: «Ìgbìmọ̀ ti pinnu pé ìjọ yóò san owó ìdánwò Wáẹ̀kì àgbà nínú àwọn ọmọ yín kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí, akápò ni yóò sì mú owó náà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀.» Bí ó bá jẹ́ pé ₦240,000 ni ìjọ lè yọ sílẹ̀ fún oúnjẹ, ₦20,000 fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù fún oṣù 6 sàn ju kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, nítorí owó tí ó bá wọlé kí àdúrà ọjọ́ kẹjọ tí àwọn ènìyàn ń pè ní fìdáù tó wáyé máa ń bá ìkòkò àlejò lọ ni. Kí iye owó wà nínú ìwé ọ̀tọ̀ tí àwọn opó nìkan yóò rí, nítorí sàárà tí wọ́n kà sétí gbogbo àlejò ti di ìtìjú fún ẹni tí ó gbà á.

Ọ̀rọ̀ ìkòkò àlejò yìí kì í ṣe kékeré. Nígbà tí Jáfárù ọmọ Àbú Tálíbù kú sójú ogun Mútà ní ọdún 629, Ànábì pàṣẹ pé kí wọ́n se oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, nítorí pé ohun tí ó bá wọn kò jẹ́ kí wọ́n rójú dáná. Bí ìgbìmọ̀ bá kọ ọ́ ní kedere pé ìjọ kò retí oúnjẹ kankan, pé ọ̀dọ̀ ìjọ ni oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò ti wá, wọ́n ti gba ìdílé náà lọ́wọ́ gbèsè tí ìtìjú nìkan ì bá fà.

Ohun kan wà tí ó máa ń ṣi akọ̀wé lọ́nà, èyí ni opó ṣíṣe ní ìlànà Ìsìláàmù, tí àwọn Alfa ń pè ní íddà. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, pẹ̀lú kíka oṣù ojú ọ̀run, ni ti ìyàwó àgbà, ṣùgbọ́n ti ìyàwó kékeré tí ó lóyún parí ní ọjọ́ tí ó bá bímọ, ìbáà yá, ìbáà pẹ́. Lẹ́tà tí ó bá kọ iye ọjọ́ kan náà fún àwọn méjèèjì ti ṣi ẹnì kan lọ́nà. Oyún yìí kan náà ni ó mú kí ó léwu láti kánjú pín ogún: gbèsè ni wọ́n ń kọ́kọ́ san, lẹ́yìn náà àsọtẹ́lẹ̀ olóògbé bí ó bá wà, tí kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta ohun tí ó kù, kí àwọn ajogún tó gba tiwọn, a sì gbọ́dọ̀ pa ìpín ọmọ inú oyún mọ́. Nítorí náà, kí lẹ́tà sọ orúkọ Alfa tí yóò wá nígbà tí ẹbí bá pè é, kí ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Bí olóògbé bá jẹ ìjọ lówó, inú lẹ́tà yìí kọ́ ni wọn yóò ti béèrè rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ tí àpò rẹ̀ gbẹ kò ní láti tìjú. Kí ó kọ lẹ́tà ìkẹ́dùn àti àdúrà, kí ó má ṣèlérí owó, kí ó sì yan ẹni tí yóò máa bẹ àwọn ọmọ wò. Ìgbìmọ̀ tí ó bá ti ṣèlérí ní tirẹ̀, kí akọ̀wé rẹ̀ kọ ọjọ́ ìsanwó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú ìwé ìpàdé, kí ó tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà, kí ó sì kà á sókè ní ìpàdé oṣooṣù títí gbogbo owó náà yóò fi pé.