Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Bìrìtéènì: owó ọdọọdún lọ́tọ̀, ẹ̀rí ọdún mẹ́ta lọ́tọ̀

Nọ́ọ̀sì tó ti yege OSCE, tí PIN rẹ̀ sì ti jáde, máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ti parí. Kò tíì parí. NMC, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Bìrìtéènì, ń béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti wọ ìwé wọn. Èkíní ni owó, ọdọọdún ni wọ́n ń gbà á. Èkejì ni ẹ̀rí pé ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ sì ń kẹ́kọ̀ọ́ kún ìmọ̀ yín. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni tiẹ̀, òun ni gbogbo èèyàn ń pè ní rẹfalidéṣọ̀n láti 2016 tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń da méjèèjì pọ̀ ni wàhálà máa ń bá: wọ́n á san owó tán, wọ́n á fọkàn balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ọ̀sì kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pè é ní Ṣadé. Oṣù Kẹta 2024 ni orúkọ rẹ̀ wọ ìwé. Owó ọdún kìíní gbọ́dọ̀ ti wọlé kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2025 tó kọjá, tọdún kejì bákan náà ní 2026. Rẹfalidéṣọ̀n tirẹ̀ bọ́ sí 2027, ibẹ̀ sì ni ọjọ́ ti yí padà: ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ló gbọ́dọ̀ ti fi í ránṣẹ́, kì í ṣe ọjọ́ 31. NMC á ṣí fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ fún un lórí NMC Online ní ọgọ́ta ọjọ́ ṣáájú. Ẹni tó bá ń retí ìparí oṣù ti pẹ́ nìyẹn.

Ní 2015 ni wọ́n gbé owó ọdọọdún sí pọ́n-ùn 120, ṣùgbọ́n iye tí ẹ bá rí lórí NMC Online lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ san ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹ lè ní kí báǹkì máa yọ ọ́ fúnra rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tàbí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Èmi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi máa fi orí há a. Kí ẹ sáà rí i pé owó wà nínú àkáǹtì náà lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ má sì ti àkáǹtì àtijọ́ pa láìkọ́kọ́ gbé ètò náà lọ sí tuntun. Risíìtì rẹ̀ tún wúlò ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Owó NMC wà lára àwọn owó tí HMRC, iléeṣẹ́ owó-orí ìjọba, máa ń yọ kúrò lára owó tí wọ́n ń gba owó-orí lé, bí ó bá jẹ́ pé àpò ara yín lẹ ti san án tí ibi iṣẹ́ yín ò sì dá a padà. Ẹni tó ń san owó-orí ìdá 20 nínú 100 á jèrè pọ́n-ùn 24 lórí pọ́n-ùn 120 kọ̀ọ̀kan, ó sì lè béèrè ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn.

Ó wá ku ẹ̀rí. Nílé, ẹ máa ń lọ síbi MCPDP, wọ́n á fún yín ní ìwé-ẹ̀rí, ẹ á fi tún láísẹ́ǹsì ṣe. Níbí, kò sẹ́ni tó ń fún yín ní máàkì kankan. Wákàtí lẹ máa kà fúnra yín: wákàtí 450 lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láàárín ọdún mẹ́ta, àti wákàtí 35 ní ẹ̀kọ́, tí 20 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹ̀yin àti ẹlòmíì tó jẹ́ òṣìṣẹ́ onímọ̀ jọ kópa nínú rẹ̀.

Wákàtí 450 kò pọ̀. Ẹni tó ń ṣe wákàtí 37.5 lọ́sẹ̀ á kó o jọ láàárín ọ̀sẹ̀ 12. Ohun tí kò wọ inú rẹ̀ ló yẹ kí ẹ mọ̀. Oṣù tí Ṣadé fi ń múra OSCE nílé ìwòsàn náà, tí PIN kò tíì jáde, kò sí lára rẹ̀. Ìsinmi ọdún àti ìsinmi ìbímọ kò sí níbẹ̀. Ṣíífù kẹ́rà tó ń ṣe nílé àwọn àgbàlagbà ní òpin ọ̀sẹ̀ náà kò lè wọlé, nítorí kì í ṣe ìmọ̀ nọ́ọ̀sì ni wọ́n gbà á sí iṣẹ́ yẹn fún. Fún wákàtí tó kù, kí ẹ kọ déètì, ibi iṣẹ́, irú iṣẹ́ àti iye wákàtí sílẹ̀, kí ẹ fi ìwé àdéhùn iṣẹ́, rọ́tà tàbí péésílíìpù tì í. Ẹni tó bá pààrọ̀ ibi iṣẹ́ kí ó kó ìwé rẹ̀ kó tó kúrò, torí ọ̀pọ̀ wọn ló máa ti àkáǹtì tí ẹ fi ń wo péésílíìpù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ló máa ń bá èèyàn lójijì. Ṣadé ka ìwé-ẹ̀rí tó wà nínú fáìlì rẹ̀, ó rí wákàtí 41, ó ní òun ti yọrí. Nínú rẹ̀, wákàtí 9 jẹ́ ti ìdáàbòbò lọ́wọ́ iná àti ààbò ibi iṣẹ́. NMC kì í ka ẹ̀kọ́ àìgbọdọ̀máṣe tí kò kan ìtọ́jú aláìsàn tààrà, nítorí náà 32 ló kù. Ó wá ya èyí tí òun àti àwọn ẹlòmíì jọ ṣe sọ́tọ̀: wákàtí 4 lórí bí a ṣe ń jí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró, 7.5 lórí ìtọ́jú egbò, àti 6 nínú ìjókòó tí wọ́ọ̀dù wọn máa ń ṣe láti jọ yẹ àpilẹ̀kọ ìṣègùn wò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 17.5. Èyí tó dá ṣe níwájú kọ̀ǹpútà ni 14.5 yòókù. Wákàtí 3 ló dín nínú 35, wákàtí 2.5 ló dín nínú 20. Ìpàdé ẹ̀kọ́ wákàtí 3 kan ṣoṣo pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn, bí a ṣe ń tètè dá sẹ́psíìsì mọ̀, tó láti dí àlàfo méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé ó tún jókòó ti kọ̀ǹpútà fún wákàtí 10 ni, 20 náà kò ní pé síbẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, ẹ nílò ohun 5 tí ẹlòmíì sọ nípa iṣẹ́ yín àti àkọsílẹ̀ àròjinlẹ̀ 5 tí ẹ máa so mọ́ òfin iṣẹ́ NMC, láìdárúkọ aláìsàn kankan. Nọ́ọ̀sì kan tó wà nínú ìwé NMC á bá yín jíròrò lórí àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn, ọ̀gá yín á sì jẹ́rìí pé òun ti rí ohun gbogbo. Bí ọ̀gá náà bá jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó lè ṣe méjèèjì. Ẹ tètè bá wọn sọ ọ́, ẹni tí wọ́n ń bẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kì í sábà ráyè. Ẹ kò ní fi ìwé kankan ránṣẹ́, ẹ óò kàn sọ lórí fọ́ọ̀mù pé ó wà lọ́wọ́ yín. Àmọ́ NMC máa ń mú àwọn kan láti yẹ̀ wọ́n wò.

Bí ọjọ́ bá kọjá láìsanwó tàbí láìfi rẹfalidéṣọ̀n ránṣẹ́, orúkọ yín á kúrò nínú ìwé, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ́ títí tí wọ́n á fi gbà yín padà. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kì í ṣe ọjọ́ kan. Ímeèlì ni ìkìlọ̀ wọn máa ń gbà wá. Ẹ ṣí NMC Online yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ wo ímeèlì tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí ẹ fi kọ̀wé láti Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ tí ẹ kì í ṣí mọ́ ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.