Fóònù Wo Ni Kí Elédé Ugbuwangue Gbé Wọ Inú Odò?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tí mo gbé kalẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti gírámà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ewì. Ọ̀rọ̀ fóònù ni. Ẹni tí ó bá ti ra fóònù fún ìyá oníṣòwò kan rí yóò mọ̀ pé ó gba ìṣirò ju bí a ti rò lọ.

Ugbuwangue jẹ́ àdúgbò àwọn Ìṣẹ̀kírì ní ìlú Wárì, ní Ìpínlẹ̀ Delta. (Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá tí ó fetí sílẹ̀ dáadáa níbẹ̀ yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó jọ ti ilé, nítorí ọmọ ìyá ni èdè méjèèjì.) Láti apá ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò kan ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn abúlé inú odò, títí dé ọ̀nà Ogidigben àti Ugborodo, láti ra edé àti ẹja yíyan. Ní Wárì, iná ọba ń wá, ó sì ń lọ. Ní ọ̀pọ̀ abúlé inú odò, kò tilẹ̀ sí wáyà iná ọba rárá. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tàbí sólà ni wọ́n ń lò. Òpó nẹ́tíwọ̀kì sì jìnnà síra.

Ìyá elédé kan sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, èyí tí kò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni kí o bá mi wá." Mo ní, "Ẹ ṣé mà. Ọjọ́ mélòó lẹ ń lò lọ́hùn-ún?" Ó ní mẹ́fà. Iṣẹ́ méjì ni fóònù ń ṣe fún un. Àkọ́kọ́, kí ó tó san owó edé, ó ní láti pe ọjà kí ó mọ iye tí wọ́n ń tà á lọ́jọ́ náà. Èkejì, bí oníbàárà bá ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ó ní láti mọ̀ bóyá owó náà wọlé lóòótọ́. Bí fóònù bá kú lọ́jọ́ kẹrin, afọ́jú ni ó fi ń ra ọjà ọjọ́ karùn-ún àti ìkẹfà.

Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ra fóònù ńlá tí a ń fọwọ́ fà lójú. Wọ́n ní bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5000 mAh, ti àwọn oníbọ́tìnì kan kò sì ju 1000 lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú ńlá fóònù yẹn àti dátà rẹ̀ ń jẹ iná. Bí dátà bá wà ní títàn níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń wá tí ó ń lọ, kì í sábà ju ọjọ́ kan sí méjì lọ tí yóò fi béèrè iná.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ti oníbọ́tìnì. Ìfojúbù ni o, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí òtítọ́. Bí fóònù bá kàn wà nílẹ̀ tí a kò pe ẹnikẹ́ni, ó ń jẹ bíi 5 mA. Ní wákàtí 24, ìyẹn jẹ́ 120 mAh. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ níbi tí nẹ́tíwọ̀kì kò ti lágbára, ó lè jẹ tó 250 mA. Bí ìyá bá sọ̀rọ̀ fún 40 ìṣẹ́jú lójúmọ́, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 167 mAh. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 287 mAh lójúmọ́. Bátìrì 1000 mAh yóò kú lọ́jọ́ kẹrin. Ọjọ́ mẹ́fà yóò gba nǹkan bíi 1720, nítorí náà oníbọ́tìnì tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 2500 mAh, irú èyí tí ó wà ní ọjà wa, yóò lọ, yóò sì bọ̀ láìfi ojú kan iná.

Kí ló dé tí nẹ́tíwọ̀kì tí kò lágbára fi ń jẹ bátìrì? Ẹni méjì tí ó dúró ní etí odò kan náà lè sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́; bí odò bá wà láàárín wọn, wọn yóò pariwo. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù ṣe ń ṣe. Nítòsí òpó, ó ń rẹ agbára rẹ̀ sílẹ̀. Bí òpó bá jìnnà, ó ń gbé e sókè, tí ó lè dé wọ́ọ̀tì 2 lórí 2G ti 900. Èyí tí ó tún burú jù ni ibi tí nẹ́tíwọ̀kì kò sí rárá, nítorí fóònù yóò máa wá òpó kiri. Ìdí nìyí tí fóònù onísíìmù méjì fi ní ewu tirẹ̀. Ó dára kí ìyá ní nẹ́tíwọ̀kì méjì, nítorí ibi tí ọ̀kan kò dé, èkejì lè dé e; ṣùgbọ́n síìmù tí kò bá rí òpó ní abúlé tí ó wà, kí ó pa á, kí ó má bàa jẹ iná lásán. Bí ó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò ní nẹ́tíwọ̀kì, kí ó pa fóònù pátápátá, kí ó tàn án ní àsìkò tí òun àti oníbàárà ti dá.

Ẹ wo ara páálí kí ẹ tó sanwó. Ní Nàìjíríà, 900 àti 1800 ni 2G ń lò, 900 ni ó sì ń rìn jìnnà jù. Fóònù àlòkù kan tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà lè jẹ́ 850 àti 1900 nìkan. Bó ti wù kí ó dára tó, kò ní gbọ́ ohùn òpó wa. Ẹni tí ó ní fóònù ńlá tí ó jẹ́ Android lè tẹ èyí ní abúlé kí ó tó pinnu síìmù tí yóò rà:

```
*#*#4636#*#*
```

Lórí ọ̀pọ̀ Android, yóò rí iye dBm níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ -85, ó dára. Bí ó bá ń sún mọ́ -110, ìpè yóò máa já. Bí ẹ bá wà lábẹ́ páànù, ẹ bọ́ sí ìta kí ẹ tó dá nẹ́tíwọ̀kì lẹ́bi, nítorí páànù ń dí i.

Ohun tí ìyá yóò pàdánù ni àwòrán ọjà lórí WhatsApp. Èmi kò fojú kéré rẹ̀. Oníbàárà kan lè fẹ́ rí edé kí ó tó ní òun yóò rà á. Ṣùgbọ́n ti owó kò nílò dátà: kóòdù ilé ìfowópamọ́, bíi *737# tàbí *894#, ń ṣiṣẹ́ lórí 2G lásán. Ibi tí ó ti ń dunni ni pé nẹ́tíwọ̀kì lè já láàárín, kí ìdáhùn má sì dé. Kí ó má ṣe tún owó náà fi ránṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Iye tí ó kù nínú àpò rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí owó náà lè ti lọ. Bákan náà, kí ó má gbà gbọ́ pé owó wọlé nítorí pé ìwé kékeré kan dé sí fóònù. Iye inú àpò ni ẹ̀rí.

Ó ku bátìrì ayédèrú. Ẹnikẹ́ni lè tẹ 2500 sára bátìrì. Ẹ lò ó títí yóò fi kú, kí ẹ wá fi ṣájà tí a kọ 500 mA sí gba iná fún un. Bátìrì 2500 kò lè kún láìpé wákàtí márùn-ún. Bí ó bá kún ní wákàtí méjì, a jẹ́ pé kò tó ìdajì iye tí a kọ. Bátìrì tí ó ti wú, ẹ gbé e sórí tábìlì kí ẹ fi ìka yí i: èyí tí ó dára kì í yí, èyí tí ó wú máa ń yí bí òòyì. Fún ìdí èyí ni mo fi fẹ́ràn fóònù tí a lè yọ bátìrì rẹ̀. Èyí tí ó ń lo BL-5C ti Nókíà kéré ní agbára, ó jẹ́ bíi 1000 mAh, ṣùgbọ́n kò ṣòro láti rí ní ọjà. Bí ìyá bá di méjì tí ó kún mọ́ra nínú ọ̀rá kí omi iyọ̀ má bàa kàn án, ọjọ́ mẹ́fà yóò pé.