Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Má Ṣe Ki Igi Bọ Etí Rẹ

Ka àyọkà yìí, kí o sì dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó wà ní ìparí rẹ̀.

Ǹjẹ́ etí ti dùn ọ́ rí lẹ́yìn tí o lúwẹ̀ẹ́ nínú odò? Gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọkùnrin kan ní ìlú Ìsẹ́yìn. Ọmọ ahunṣọ òfì ni. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ní àsìkò òjò, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n mòòkùn títí omi fi kún etí rẹ̀. Nígbà tí ó dé ilé, ó mú igi kékeré tí a wé òwú mọ́ lórí, ó kì í bọ etí, ó sì ń yí i. Ní ọjọ́ kejì, etí náà bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó tún fi ìyẹ́ adìẹ wa ibẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, bí ó bá ń jẹ ẹran, ṣe ni etí ń dùn ún.

Ìyá bàbá rẹ̀ fẹ́ yá àdín lórí iná kí ó sì dà á sí etí náà. Bàbá rẹ̀ dìde nídìí òfì, ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn."

Nọ́ọ̀sì rọra fa ewé etí rẹ̀ sókè. Ọmọ náà ké. Nọ́ọ̀sì tún fi ìka tẹ ẹran kékeré tí ó wà níwájú ihò etí. Ó tún ké. Nọ́ọ̀sì ní, "Ihò etí rẹ, láti ìta dé ibi awọ ìlù etí, ni ó ń ṣe ọ́." Bí ó bá jẹ́ pé inú etí, lẹ́yìn awọ ìlù náà, ni àìsàn wà, fífa etí kì í sábà dùn ènìyàn. Irú èyí máa ń wáyé lẹ́yìn ọ̀fìnkìn, ó sì máa ń mú ibà wá.

Kí ni ó fà á? Ọ̀rá tí a ń pè ní ìdọ̀tí etí kì í ṣe ìdọ̀tí lásán. Ó ń dáàbò bo awọ ihò etí, kò jẹ́ kí omi àti kòkòrò àìfojúrí ráyè. Etí sì ń tì í jáde fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí omi bá pẹ́ nínú etí, awọ náà a rọ̀. Bí a bá tún fi igi ha á, a ó nu ọ̀rá náà kúrò, a ó sì dá ọgbẹ́ kéékèèké sí i. Ibẹ̀ ni kòkòrò ń gbà wọlé. Òwú náà sì lè ti ìdọ̀tí etí sẹ́yìn, tàbí kí igi gún awọ ìlù etí, kí ó sì lu.

Nọ́ọ̀sì rí i pé awọ ìlù etí ọmọ náà kò lu. Ó fún un ní oògùn tí a ń kán sí etí. Bàbá kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ mú ìgò oògùn náà kí ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọmọ náà fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kí etí tí ń dùn ún wà lókè. Bàbá rọra fa ewé etí náà sókè àti sẹ́yìn, ó kán oògùn sí i, ọmọ náà sì dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìrora náà ti dín kù. Síbẹ̀, wọ́n lo oògùn náà títí ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá fún wọn fi pé, ọmọ náà kò sì lọ lúwẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Bí omi bá wọ etí rẹ, tẹ orí rẹ sí ẹ̀gbẹ́ kí omi ṣàn jáde, kí o sì fi aṣọ ìnura nu ìta etí nìkan. Má ṣe fi òwú orí igi, ìyẹ́, ìgbálẹ̀, ìṣáná tàbí ọmọrí báírò kan inú rẹ̀. Má ṣe da àdín tàbí epo gbígbóná sí i, má sì ṣe lo oògùn etí tí ó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, nítorí pé awọ ìlù etí rẹ lè ti lu. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún bá ń jáde, bí ẹ̀yìn etí bá wú, bí ibà bá mú ọ, tàbí bí o kò bá gbọ́rọ̀ dáadáa, sọ fún àwọn òbí rẹ lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìdánrawò
1. Ohun méjì wo ni ọmọkùnrin náà kì bọ etí rẹ̀?
2. Báwo ni nọ́ọ̀sì ṣe mọ̀ pé ihò etí ni ó ń ṣe é?
3. Iṣẹ́ wo ni ìdọ̀tí etí ń ṣe?
4. Kí ni ìdí tí kò fi yẹ kí a lo oògùn etí ẹlòmíràn?
5. Fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe gbólóhùn: mòòkùn, àtẹ́lẹwọ́, ọgbẹ́.